Ẹ̀wù Tó Ń Yá Bọ́: Ìmúra Alásè Nídìí Òróró Gbígbóná

Omi tó ń hó kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì. Òróró tí a fi ń dín dòdò tàbí ẹja nílé oúnjẹ máa ń tó 180. Bí omi bá dà sí ni lára, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ṣàn lọ. Òróró kì í tètè kúrò. Ó máa ń rin aṣọ, á lẹ̀ mọ́ awọ ara, á sì máa jó ẹni náà lọ títí a ó fi bọ́ aṣọ náà. Nítorí náà, yàtọ̀ sí pé kí aṣọ alásè bo ara, ó gbọ́dọ̀ ṣeé bọ́ ní wàrà.

Ká ní alásè kan wà nídìí agbada lágogo kan ọ̀sán, nígbà tí èrò pọ̀. Ó wọ búláòsì pélébé tó fún mọ́ ọn lára, ó so épírọ́ọ̀nù rẹ̀ ní kókó méjì lẹ́yìn, sílípáàsì ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Agbada fì, òróró dà sí i níkùn àti lórí ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó kókó ẹ̀yìn. Búláòsì náà kò ní bọ́tìnnì, orí ló gbọ́dọ̀ gbà bọ́ ọ, òróró yóò sì kan ojú rẹ̀ bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú àáyá tó ń lọ, iná ń wọ ara sí i ni.

Ẹ̀wù alásè tí a mọ̀ọ́mọ̀ rán fún iṣẹ́ yìí yàtọ̀. Apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ gun ara wọn níwájú, tí ó fi jẹ́ pé aṣọ ìlọ́po méjì ló bo àyà àti ikùn. Kò fún, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín aṣọ àti ara máa ń dín ooru kù. Apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́. Èyí tó ní bọ́tìnnì onírin tí a ń tẹ̀ mọ́ra dára jù, torí bí a bá fà á lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á ṣí. Okùn épírọ́ọ̀nù pàápàá, ẹ yí i wá síwájú, kí ẹ so ó ní ìdè tí fífà kan lè tú.

Òwú ló yẹ kí aṣọ náà jẹ́. Bí iná ààrò bá ran òwú, ó máa ń jó di eérú. Pọlisítà máa ń yọ́ bí àbẹ́là, á sì lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ẹni tó bá ra òkìríkà tí kò ní àkọlé lè dán an wò: ẹ fa fọ́nrán òwú díẹ̀ yọ, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú lórí abọ́ omi, ẹ ṣáná sí i. Bí ó bá rùn bí ìwé tó ń jó, tí eérú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, òwú ni. Bí ó bá ká jọ, tó yọ́, tó sì di kókó líle, pọlisítà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú tí ọ̀rá ti rin lè gbiná kíákíá, nítorí náà ẹ máa fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Ní ti bàtà, ẹ yan èyí tó bo ọmọ ìka àti orí ẹsẹ̀, tí kò ní ihò, tí kò sì ní okùn. Bí òróró bá wọ inú rẹ̀, ẹ óò lè ta á nù lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ni kì í jẹ́ ká yọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó já sí etí bàtà, kí omi àti ọ̀rá lè gba ibẹ̀ sá jáde nígbà tí a bá tẹ ilẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní nítírà ni òróró kì í tètè bàjẹ́. Bí ẹ bá rí àmì SRC tàbí SR lára bàtà, wọ́n ti dán an wò lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀.

Síbẹ̀, bí ìyẹ̀fun àti ọ̀rá bá di ojú ihò wọ̀nyẹn, bàtà olówó gọbọi náà á yọ̀ bíi sílípáàsì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́. Bí ojú ihò bá ti jẹ tán tí àtẹ́lẹ̀ sì ń dán, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Bí òróró bá dà sí ni lára, ẹ bọ́ aṣọ tó rin, àfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ìyẹn, ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má fi ẹyin tàbí epo pa á. Ẹ̀yin tí ẹ gba alásè síṣẹ́, kí ẹ tó ra agbada mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń dúró nídìí èyí tó wà nílẹ̀.