Kí Ẹ Tó Kọ̀wé Béèrè Iṣẹ́, Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Náà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìròyìn ayọ̀ jáde nípa 54gene, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwádìí lórí ohun àjogúnbá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwa ọmọ Áfíríkà, kí wọ́n lè fi ṣe oògùn tó bá ara wa mu. Àwọn olùdókòòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní mílíọ̀nù 25 dọ́là ni. Láti ọdún 2019 tí Abasi Ene-Obong ti dá a sílẹ̀, owó tí wọ́n ti rí gbà lápapọ̀ di nǹkan bíi mílíọ̀nù 45 dọ́là. Ọ̀dọ́ tó kàwé nípa sáyẹ́ǹsì ní Èkó lásìkò náà kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ìwé ránṣẹ́ síbẹ̀. Kí ọdún 2023 tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé.

Kò ṣàdédé wó. Lásìkò àrùn Kòrónà, àyẹ̀wò àrùn náà ló ń mú owó gidi wọlé fún wọn. Nígbà tí àrùn náà rọlẹ̀, àwọn tó ń wá ṣe àyẹ̀wò dín kù. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ìròyìn ayọ̀ yẹn, wọ́n dá òṣìṣẹ́ 95 dúró, ẹ̀ka àyẹ̀wò sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, olùdásílẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀. Ẹnìkan gba ipò náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì tún yan ẹlòmíràn nígbà tí ọdún 2023 wọlé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo ìwọ̀nyí ló jáde nínú ìròyìn tí ẹnikẹ́ni lè kà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń kọ̀wé béèrè iṣẹ́ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti ní ohun tó tó láti fi ro ara rẹ̀ wò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nínú ìtàn yìí ni pé owó tí olùdókòòwò kó wá yàtọ̀ sí owó tí oníbàárà ń san. Ti olùdókòòwò máa ń tán. Nítorí náà, bí ìròyìn owó ńlá bá jáde nípa ilé-iṣẹ́ kan, ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ni pé: ta ló ń rajà lọ́wọ́ wọn, ṣé ohun tó ń gbé ẹni náà wá ṣì máa wà lọ́dún tó ń bọ̀? Bí owó náà bá sì ti pé ọdún kan àbọ̀ tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa ọjà tuntun tàbí oníbàárà tuntun, ẹ jẹ́ kó kọ yín lóminú.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá máa ń ní òṣìṣẹ́ 110, tí 44 sì kúrò láàrin ọdún kan, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ yẹn. Ṣùgbọ́n ará ìta kì í sábà rí iye yìí, kódà bó bá rí i, ó lè ṣì í lọ́nà. Ibi tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù, àti àwọn tó ń tajà káàkiri tí owó wọn dá lórí iye tí wọ́n bá tà, èèyàn máa ń wọlé tó sì máa ń jáde níbẹ̀ lemọ́lemọ́, láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ń ṣàìsàn. Ẹni tó ń lọ àti ibi tó ń lọ ló lóye nínú ju iye wọn lọ.

Orí LinkedIn ni ẹ ti lè rí i. Ẹ ṣí ojú ewé ilé-iṣẹ́ náà, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ `People` sí, kí ẹ sì wá àwọn tó wà ní irú ipò tí ẹ fẹ́ bọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ ipò yẹn pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lójú ibi ìwákiri, kí àwọn tó ti kúrò lè jáde pẹ̀lú. Lójú ewé ẹnìkọ̀ọ̀kan, oṣù tó wọlé àti oṣù tó jáde wà níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin kan ṣe báyìí nígbà tó rí ìpolówó iṣẹ́ olórí ẹ̀ka ìṣirò owó ní ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Ìkẹjà. Ẹni mẹ́ta ló ti jókòó sórí àga yẹn láàrin ọdún méjì, ẹni tó pẹ́ jù nínú wọn kò pé oṣù mọ́kànlá. Owó oṣù tí wọ́n kọ sínú ìpolówó náà dára gan-an. Kò fi ìwé ránṣẹ́, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi gbà ni pé akáǹtì ló ń kọ́kọ́ mọ̀ nígbà tí owó ò bá sí. Òun ló ń rí ìwé gbèsè tí wọn ò tíì san, òun ni báńkì ń pè, òun ni wọ́n sì lè ní kó fọwọ́ sí ohun tí kò tọ́. Bí àwọn tó di àpò mú bá ń sá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wúwo ju kí ogún ọmọ iṣẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà ni ti àwọn ayẹ̀wé-owó-wò tó wá láti ìta: bí wọ́n bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láìtíì parí ìṣirò ọdún, ẹ máa wẹ̀yìn wò.

Àmọ́ o, ọ̀ràn jápa ti da nǹkan rú nílẹ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ tó dúró ṣinṣin lè pàdánù ìdajì àwọn tó ń bá a ṣe ètò kọ̀ǹpútà láàrin ọdún kan nítorí Kánádà àti ìlú Ọba. Ibi tí wọ́n lọ ni yóò là á yé yín. Bí ojú ewé wọn bá ń fi Lọ́ńdọ̀nù àti Tòróńtò hàn, ìlú ni wọ́n sá fún. Bí wọ́n bá sọdá sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà díje ní àdúgbò kan náà, tàbí tí wọ́n kúrò láìsí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n sá fún. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìtíì rí òmíràn ní Nàìjíríà òde òní ti rí nǹkan.

Ní ti ohun tí àwọn èèyàn ń kọ nípa ilé-iṣẹ́ lórí Glassdoor àti Nairaland, mi ò ka iye ìràwọ̀ sí. Ẹni tí inú ń bí ló sábà máa ń kọ̀wé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa sì wà tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́jọ péré ló sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ni kí ẹ tò wọ́n sí, kí ẹ wá ka èyí tó kẹ́yìn. Bí ìyìn mẹ́fà bá bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn ń sọ pé “àyíká iṣẹ́ dára, ọ̀gá dára”, láìdárúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣẹ ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ẹ̀dùn ọkàn pé ọ̀gá le, kò sọ nǹkan kan nípa owó. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bá ń sọ pé owó oṣù ń pẹ́, ẹ gbà á gbọ́. Kò sí bí wọ́n ṣe lè pàdé láti hun irọ́ kan náà.

Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wà lórí ọjà ìpín ìdókòòwò ní Èkó, iṣẹ́ yín rọrùn, nítorí dandan ni kó máa fi ìwé ìṣirò owó rẹ̀ síta. Bí ẹ bá rí àmì `MRF` lára orúkọ ilé-iṣẹ́ kan lójú ewé ọjà náà, ó ń sọ pé ó ti pẹ́ kọjá gbèdéke láti fi ìwé sílẹ̀. Ẹ ṣí ìwé ìṣirò ọdún tó kẹ́yìn, kí ẹ tẹ `going concern` síbi ìwákiri. Gbogbo ìwé ni ọ̀rọ̀ náà máa ń wà, nítorí náà kí àyà yín má já. Ibi tí ẹ ń wá ni ìjábọ̀ ayẹ̀wé-owó-wò: bó bá kọ `material uncertainty` síwájú rẹ̀, ó ń sọ pé kò dá òun lójú pé ilé-iṣẹ́ náà á lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ má kàn fi àdánù ṣe ìdájọ́. MTN Nàìjíríà pàdánù ₦137 bílíọ̀nù ní ọdún 2023, àmọ́ kì í ṣe pé àwọn èèyàn dẹ́kun rírà káàdì. Naira ló já lulẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún yẹn, láti bíi ₦460 sí dọ́là kan dé ₦900 ó lé, gbèsè tí wọ́n jẹ ní dọ́là sì wú lójijì. Wọ́n tún pàdánù ní 2024, kí wọ́n tó padà sí èrè ní 2025. Ìlà tí ẹ máa wò nínú ìwé náà ni `net cash from operating activities`, ìyẹn owó tó wọlé láti ara iṣẹ́ gan-an. Bó bá ti wà lábẹ́ òdo fún ọdún mẹ́ta léra, yálà wọ́n kọ èrè tàbí wọn ò kọ ọ́, owó ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń san owó oṣù.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kò sí lórí ọjà náà, wọn kì í sì í fi ìṣirò wọn han ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀, owó pẹ́ńṣàn ni ẹlẹ́rìí tó dára jù lọ. Òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 sọ pé kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́, kí ilé-iṣẹ́ fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, kí gbogbo rẹ̀ sì dé àpò òṣìṣẹ́ láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù. Tí owó bá há ilé-iṣẹ́ lọ́rùn, pẹ́ńṣàn ló sábà máa ń kọ́kọ́ dáwọ́ lé, nítorí òṣìṣẹ́ kì í tètè mọ̀. Owó oṣù ṣì lè máa wọlé déédéé nígbà náà.

Nítorí náà, ẹ wá ẹnìkan tó wà níbẹ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ má sì béèrè pé “ṣé ibẹ̀ dára?” Ẹ bi í pé: “Ẹ jọ̀ọ́, nínú àkọsílẹ̀ pẹ́ńṣàn yín, oṣù wo ni owó wọlé gbẹ̀yìn?” Á ṣí fóònù rẹ̀, á wo ó, á sì dá yín lóhùn pẹ̀lú ọjọ́. Oṣù kan tó fò lè jẹ́ àṣìṣe. Bó bá ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń yọ owó náà tí kò sì dé àpò ẹnikẹ́ni, ilé-iṣẹ́ náà ti ń yá owó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láìtọrọ àyè. Ẹ má fi ìwé yín ránṣẹ́ síbẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n kọ sínú ìpolówó.