Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Báǹkì Wo Ni Yóò Kọ́kọ́ Gba Owó Rẹ̀?

Ká sọ pé iléeṣẹ́ gàrí kan ní Òrò fi gbogbo ohun ìní rẹ̀, títí dórí gàrí inú àpò, dógò ní báǹkì kan nínú oṣù kẹta. Ìdógò àléfòó nìyẹn, nítorí iléeṣẹ́ náà ṣì lè máa tà kó sì máa rà, títí ọjọ́ tí gbèsè bá dójú rú, tí ìdógò yóò sì dì mọ́ ohun tó bá kù nílẹ̀.

Nínú oṣù karùn-ún, ó fi ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ nìkan dógò ní báǹkì kejì. Ìdógò àdèmọ́ nìyí, kò sì gbọdọ̀ tà á láìgbàṣẹ.

Àgbà ní ẹni tó tètè dé odò ní í pọn omi tó tòrò, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ yìí, báǹkì kejì ni òfin iléeṣẹ́ ọdún 2020 fi ṣíwájú, àfi bí ìwé báǹkì kìn-ín-ní bá ti ka irú ìdógò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, tí èkejì sì mọ̀ kó tó yáni lówó.

Síbẹ̀, báǹkì tí kò bá forúkọ ìdógò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ láàárín 90 ọjọ́ kò lè fi í ṣíwájú àwọn olówó yòókù: gbèsè rẹ̀ ṣì wà, àmọ́ àárín àwọn tí kò gba ìdógò kankan ni yóò ti dúró.