Fọ́tò Wa Lórí Ayélujára: Ta Ló Ń Wò Ó?

Wọ́n ní kí n kọ nípa fọ́tò ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé sórí ayélujára, bóyá ó dára àbí kò dára. Ẹni tó yàn mí mọ ohun tó ṣe, torí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí rí.

Ní sáà tó kọjá, lẹ́yìn ìdíje eré sísá, wọ́n gbé fọ́tò mi sójú ìwé Facebook ilé-ìwé. Mo gbé ife ẹ̀yẹ dání, mo wọ aṣọ pupa ilé wa, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi sábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ JSS 2B, wọ́n tún kọ ọ́ pé èmi ni mo gba ipò kìíní nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà. Àkúrẹ́ ni màmá mi wà, kò ráyè wá wò mí lọ́jọ́ náà, nítorí náà inú rẹ̀ dùn gan-an nígbà tó rí i. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé, "Ọmọ mi nìyí o, Olúwa ṣeun." Aṣọ àǹkárá ni màmá mi ń tà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló fi ń lo Facebook, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì wà níbẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè pè é.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin kan pè é. Ó ní olùkọ́ eré ìdárayá ni òun. Ó dárúkọ mi, ó dárúkọ kíláàsì mi, ó ní "ọmọ yín tó gba ife lọ́jọ́sí". Ó ní mo ṣubú ní pápá, pé àwọn wà ní ọsibítù kan ní òpópónà Sàpẹ́lẹ́, pé dókítà ò ní fọwọ́ kàn mí àfi bí wọ́n bá san ₦45,000. Màmá mi ní kó gbé fóònù fún mi. Ó ní mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ rántí pé àwa tí à ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í ní fóònù lọ́wọ́. Ohun tí olè yẹn gbẹ́kẹ̀ lé gan-an nìyẹn. Bí ọmọ bá ń wá sílé lójoojúmọ́, ìyá rẹ̀ á kàn dúró dè é di aago méjì. Ti èmi, ọ̀nà jìn, kò sì sí bó ṣe lè pè mí. Màmá mi ti ṣí ápù báǹkì rẹ̀ kó tó rántí pé òun ní nọ́ńbà mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ sọ́ọ̀kì. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣe ni màmá mi bú sẹ́kún.

Nígbà ìsinmi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti fọ́tò yẹn, a ń wá ibi tí olè ti rí ọ̀rọ̀ tó sọ. A rí gbogbo rẹ̀. Orúkọ àti kíláàsì wà lábẹ́ fọ́tò. Ife wà lọ́wọ́ mi. Ká ní wọn ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan, báàjì àyà aṣọ mi ní orúkọ ilé-ìwé lára. Ọ̀rọ̀ tí màmá mi kọ ló fi ìyá ọmọ hàn, títẹ orúkọ rẹ̀ sì gbé ènìyàn dé ibi tí nọ́ńbà wà. Kò sí èyí tó burú nínú wọn bí a bá mú un níkọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ẹnìkan kó wọn jọ ni wọ́n di ohun ìjà.

Ẹ̀gbọ́n mi fi nǹkan mìíràn hàn mí tí ojú kì í rí. Tí ẹ bá fi fóònù ya fọ́tò, tí ẹ sì ti gba kámẹ́rà láàyè láti mọ ibi tí ẹ wà, fóònù á kọ ibẹ̀ sínú fọ́tò náà. Nọ́ńbà méjì ni, bí i `6.3350, 5.6270`. Tí ẹ bá tẹ èyí sínú Google Maps, ìlú Bìní ló máa gbé yín dé. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn àmì yẹn lè tọ́ka sí ibì kan títí dé bí i mítà 11, ìyẹn gígùn kíláàsì kan. Facebook máa ń yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí àwọn ènìyàn ń rí, WhatsApp náà ń yọ ọ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì, torí kí ó má bàa ṣú, ó wà níbẹ̀ digbí.

Fún ọgbà ilé-ìwé, èyí kò jẹ́ nǹkan kan, pátákó wa ṣáà wà lójú títì. Fọ́tò tí wọ́n ya ọmọ nínú yúnífọ́ọ̀mù ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni kí a bẹ̀rù. Ẹ ṣí fọ́tò, ẹ wo àlàyé rẹ̀; tí ẹ bá rí máàpù níbẹ̀, ó ti kọ ọ́ nìyẹn. Nínú sẹ́tín-ìn kámẹ́rà ni wọ́n ti ń pa á.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà. Apá 31 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lo ohun tó jẹ́ ti ọmọdé lórí ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé. Òbí tó ti gbà tẹ́lẹ̀ sì lè sọ pé òun ò gbà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin olùkọ́ wa, mi ò bú yín o, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo nínú fọ́ọ̀mù ìwọlé, tí òbí buwọ́ lù pa pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ àti iye bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, kò tó lójú tèmi.

Mi ò sì fara mọ́ àwọn tó ní kí a má gbé fọ́tò kankan mọ́. Ìyá àgbà mi ní Ìlọrin fi fọ́tò yẹn sára ògiri. Ohun tí mo rò ni pé fọ́tò kan náà lè jáde láìsí orúkọ: "Ilé pupa ló gba ipò kìíní." Èyí tó ní orúkọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí màmá mi nìkan. Tó bá jẹ́ pé a pọ̀ nínú fọ́tò, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ọmọ kan lè wà láàárín wa tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnìkan mọ ibi tó wà, kò sì ní lè sọ ọ́ níwájú kíláàsì.

Kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó gbé e jáde ni mo sọ, torí pípa á rẹ́ lẹ́yìn náà kì í tán. Ọjọ́ tí màmá mi bẹ̀ wọ́n gan-an ni ilé-ìwé yọ tèmi kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi ṣì rí i lójú ìwé aládùúgbò wa kan tó ti sé e sínú fóònù rẹ̀, tó tún un gbé jáde pẹ̀lú "ẹ bá wa yọ̀". Inú rere ló fi ṣe é. Òun náà kọ orúkọ mi.

Nọ́ńbà màmá mi ṣì wà lójú ìwé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, torí oníbàárà gbọ́dọ̀ pè. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ kan báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá pè é nípa mi, tí kò bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, mátírọ́ọ̀nù ló máa pè kó tó dá a lóhùn. Ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ náà o, mi ò ní kọ ọ́ síbí.