Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Tí Kò Ní "Bóyá" Nínú

Ẹ jẹ́ ká mú ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn. Máníjà ibẹ̀ fẹ́ bá ọkùnrin tó ń tọ́jú sítóò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà sì jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ohun tó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ó dà bí ẹni pé ìwé ọjà yín kì í fi bẹ́ẹ̀ tètè dé nígbà mìíràn, àwọn kan sì ti ń ráhùn díẹ̀. Bóyá tí ẹ bá lè túbọ̀ mójú tó o, ó máa dáa."

Ọ̀rọ̀ náà tutù létí, ṣùgbọ́n kí ni Ẹ̀gbọ́n máa fi ṣe? "Nígbà mìíràn" lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá wu olúkálukú ló máa gbọ́. Sherman Kent, tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1964 bí irú rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ní 1951, wọ́n kọ ìròyìn kan pé ó ṣeé ṣe gan-an kí wọ́n gbógun ti Yugosláfíà lọ́dún náà. Lọ́kàn Kent, bí 65 nínú 100 ni. Nígbà tó bi àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́, ó bá a pé iye tó wà lọ́kàn wọn bẹ̀rẹ̀ láti 20 títí dé 80. Gbólóhùn kan náà sì ni gbogbo wọn ti fọwọ́ sí.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó bá gbọ́ èyí á kàn gé àwọn ọ̀rọ̀ iyèméjì náà dànù. Ohun tó máa ṣẹ́ kù ni pé: "Ìwé ọjà yín kì í tètè dé, àwọn èèyàn sì ń ráhùn." Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Ibi tí "bóyá" wà, òótọ́ kan ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí ọ̀gá kò tíì wá rí. Ó ní láti lọ wá a kó tó pa "bóyá" rẹ́.

Máníjà yìí ṣí fáìlì rẹ̀. Àdéhùn ni pé kí ìwé ọjà dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pẹ́. "Àwọn kan" ńkọ́? Nígbà tó rò ó dáadáa, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó yọ ọ́ kúrò pátápátá, ó sì ṣe dáadáa. N kò fẹ́ràn "àwọn kan" rárá nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, torí òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó wá tún un kọ:

"Ẹ̀gbọ́n, aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì la jọ fi ìwé ọjà sí. Nínú mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn, mẹ́ta pẹ́: ti ọjọ́ 6, 20 àti 27 oṣù Kẹta. Ti ọjọ́ 20 kò dé ọwọ́ mi títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. N kò mọ̀ pé ìyẹ̀fun ti ku àpò mẹ́ta, n kò sì ra òmíràn, a ò sì lè ṣe tó bó ṣe yẹ lọ́jọ́ náà. Márùn-ún yòókù dé lásìkò, mi ò sì rí àṣìṣe kankan nínú wọn. N kò mọ ohun tó fa ìdádúró náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. Mo fẹ́ kó máa dé ní aago mẹ́rin láti ọ̀sẹ̀ yìí, àfi tí ìdí bá wà tí kò fi lè ṣeé ṣe."

Ọ̀wọ̀ kò kúrò níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n", "ẹ" àti "ẹ jọ̀ọ́" ló gbé e, kò nílò "ó dà bí ẹni pé" láti ràn án lọ́wọ́. Iyèméjì kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn lórí ohun tó fà á, torí pé lóòótọ́ ni máníjà kò mọ̀ ọ́n. Bó bá kọ pé Ẹ̀gbọ́n ti ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́, ìméfò ló ń pè ní òótọ́ yẹn. Bó bá sì kọ pé "gbogbo ìgbà lẹ ń pẹ́", Ẹ̀gbọ́n á ka márùn-ún tó dé lásìkò sí i létí, orí iyẹn ni wọ́n á sì máa jiyàn dípò ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun.

Ká ní Ẹ̀gbọ́n wá dáhùn pé ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, aago mẹ́ta ni ọkọ̀ ìyẹ̀fun dé, ó sì ní láti já ẹrù kó tó tún ọjà kà. Máníjà lè yẹ ìwé ọkọ̀ náà wò. Bó bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn á jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dé lẹ́yìn aago méjì, kí ìwé ọjà dé ní aago mẹ́fà, kí Ẹ̀gbọ́n sì tẹ máníjà láago ní aago mẹ́rin láti sọ iye àpò ìyẹ̀fun tó kù.