Bí A Ṣe Ń Dá Oníbàárà Tí Kò Ní Sanwó Mọ̀ Lórí Upwork

Àwọn tó ń wáṣẹ́ lórí Upwork, ìkànnì tó ń jẹ́ orúkọ yìí láti ọdún 2015 lẹ́yìn tí Elance àti oDesk ti para pọ̀, sábà máa ń pàdé ìpolówó kan tó ń wá ẹni tí yóò tẹ ojú ìwé PDF sínú Word. Ká ní ojú ìwé 60 ni, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ 1,200 dọ́là. Kò sẹ́ni tó ń san iye bẹ́ẹ̀ fún títẹ̀wé. Kí ẹ tó kọ̀wé sí i, ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ "About the client".

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá níbẹ̀ ni "Payment method verified", tí wọ́n bá sì ti rí i, ọkàn wọn balẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ kò ju pé ìkànnì ti yẹ ọ̀nà ìsanwó oníbàárà náà wò, bí àpẹẹrẹ káàdì rẹ̀. Kò sọ pé owó wà nínú rẹ̀, kò sì sọ pé ẹni náà máa ń sanwó. Iye tó ti ná àti "hire rate" ló ń sọ ìtàn gidi. Bí ẹnì kan bá ti polówó iṣẹ́ 40 tí "hire rate" rẹ̀ sì jẹ́ 10%, mẹ́rin péré ló gbé fún èèyàn. Ó lè jẹ́ pé àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ẹ ka ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí kọ nípa rẹ̀ pẹ̀lú. Bí àkáǹtì àtijọ́ kan bá ti dákẹ́ fún ọdún púpọ̀, tó wá ṣàdédé ń da ìpolówó kan náà síta léraléra, ẹ fura pé ẹlòmíì ti gbà á mọ́ oní-nǹkan lọ́wọ́.

Ẹni tó polówó ojú ìwé 60 yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sì gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ rí. Ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di gbájúẹ̀, torí gbogbo oníbàárà ló ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó bá ṣe tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. Ó ní kí ẹ wá bá ọ̀gá òun lórí Telegram, bẹ́ẹ̀ Upwork kò fàyè gba kí a máa jíròrò níta kí àdéhùn tó wà. Níbẹ̀, wọ́n á gba iṣẹ́ náà, wọ́n á yìn yín, wọ́n á ní 1,200 dọ́là ti wà nílẹ̀, àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ san 45 dọ́là kí wọ́n fi ṣí ojú ọ̀nà owó. Bí ẹ bá san án, owó mìíràn á tún yọjú. Dọ́là 45 náà gan-an ni wọ́n ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé 60 kò wúlò fún wọn rárá.

Oníbàárà gidi tí kì í sanwó tán ló ṣòro jù láti mọ̀. Ọ̀rọ̀ "mo ti gbà ọ́" nínú ìjíròrò kì í ṣe àdéhùn; àfi kí ìkànnì fúnra rẹ̀ gbé àdéhùn wá, kí ẹ sì gbà á. Ká ní iṣẹ́ 300 dọ́là ni, tí wọ́n pín sí ìpele mẹ́ta, tí oníbàárà sì ti fi 100 dọ́là sí ìkáwọ́ Upwork fún ìpele kìíní. Ó wá ní kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà kí iṣẹ́ lè yá. Ọgọ́rùn-ún dọ́là yẹn nìkan ni ìkànnì dì mú, nítorí náà ìpele kìíní nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì kàn sọ fáìlì náà sínú ìjíròrò. Ibi tí a ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún owó ni kí ẹ gbé e sí, torí ìgbà yẹn ni ọjọ́ 14 tí oníbàárà ní láti yẹ̀ ẹ́ wò máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá fèsì títí ó fi pé, owó náà yóò jáde fún yín, ìkànnì á sì dá a dúró fún ọjọ́ márùn-ún sí i kí ẹ tó lè gbà á. Ẹni tó fi fáìlì ránṣẹ́ nínú ìjíròrò nìkan lè dúró títí, kí ọjọ́ kankan má bẹ̀rẹ̀.

Ìkànnì tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ńkọ́? Ẹ tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sí lookup.icann.org, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síwájú "Created". Bí ìkànnì náà bá ní òun ti wà fún ọdún mẹ́wàá, tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ọjọ́ bá bára mu, ẹ wá inú òfin rẹ̀ bóyá owó oníbàárà ń dúró síbì kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí kò bá sí irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ gba apá kan owó náà kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́.