"Àǹtí, ẹ rẹ́ mi jẹ!": Bí olùkọ́ ṣe dá ọmọ tí inú ń bí lóhùn

Ọmọ tó kọ àròkọ ojú ewé mẹ́rin, tó sì gba 19 péré nínú 50, kò ní ṣàìbínú. Lásìkò mọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń múra sílẹ̀ de Wáẹ́ẹ̀kì, irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ń wọlé tọ òbí wá ní Kánò bó ṣe ń wọlé tọ òbí wá ní Àkúrẹ́. Kí ẹ tó pe olùkọ́ lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pín máàkì àròkọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà mẹ́rin ni 50 náà pín sí. Kókó ọ̀rọ̀ ní 10, ètò àròkọ ní 10, ìlò èdè ní 20. Ìpín kẹrin, tí òun náà ní 10, wà fún gírámà, sípẹ́líǹgì àti àmì ìdánudúró tí kò ní àṣìṣe. Níbẹ̀, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tí olùkọ́ bá fi òbìrí yí ká ń gbé ìdajì máàkì lọ. Bó bá pé ogún, máàkì 10 náà ti tán. Kò sí máàkì kankan fún gígùn. Nǹkan bí 450 ọ̀rọ̀ ni ìdánwò náà ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọmọbìnrin kan ní kíláàsì àṣekágbá. Ìbéèrè ní kó kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kó sọ ìyà tí ojú ọ̀nà tó bàjẹ́ fi ń jẹ àwọn ará àdúgbò, kó sì dábàá ohun tí ìjọba lè ṣe. Nígbà tó rí 19, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní lẹ́sìnnì: "Àǹtí, ẹ rẹ́ mi jẹ! Ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ, ẹni tó kọ méjì wá jù mí lọ. Ẹ ò kàn fẹ́ràn mi ni."

Olùkọ́ náà kò fèsì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó gbé ìwé náà jáde, ó tún un kà, ó tún máàkì rẹ̀ rò. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn tó kù ti lọ, ó pe ọmọ náà.

"Mo gbọ́ ohun tó ń dùn ọ́, mo sì ti tún ìwé rẹ wò látòkè délẹ̀. 19 náà ló ṣì jẹ́. Jókòó, ká jọ kà á. Ìpínrọ̀ mélòó lo fi sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà?"

Ọmọ náà kà á. Ẹyọ kan nínú mẹ́fà ni.

"Márùn-ún yòókù dá lórí àwọn olóṣèlú tó ń kówó jẹ. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò bi ọ́. O ò sì dábàá ohunkóhun. Ìdí tí kókó ọ̀rọ̀ fi jẹ́ 3 nìyẹn. Àdírẹ́sì rẹ àti déètì wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí àdírẹ́sì alága, lẹ́tà náà ò sì ní àkọlé. Ètò jẹ́ 4. Gbólóhùn rẹ yé mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lò ń lò léraléra. Ìlò èdè jẹ́ 9. Wá ka òbìrí wọ̀nyí fúnra rẹ. Bí o bá rí èyí tí kì í ṣe àṣìṣe, màá dá ìdajì máàkì rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀."

Ọmọ náà ka mẹ́rìnlá. Ó tọ́ka sí ọ̀kan. Wọ́n ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n sì rí i pé àṣìṣe ni lóòótọ́. Mẹ́rìnlá gbé máàkì 7 lọ, ó ku 3. Ó ro ó pọ̀, ó sì bọ́ sí 19.

"Mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá yìí wà ní ojú ewé méjì tó gbẹ̀yìn. Bó o ṣe ń kọ ohun tí a ò béèrè, bẹ́ẹ̀ lò ń pàdánù máàkì sí i."

"Ẹni tó kọ méjì ńkọ́, mà?"

"N ò ní ṣí ìwé ẹlòmíràn hàn ọ́, bí n ò ṣe ní ṣí tìẹ hàn án."

"Ẹ ṣáà bá mi fi márùn-ún kún un, mà."

"Inú rẹ á dùn lónìí. Àmọ́ ẹni tó máa máàkì ìwé rẹ ní Wáẹ́ẹ̀kì ò mọ̀ ẹ́, kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Tún lẹ́tà náà kọ ní ojú ewé méjì. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, kọ ìyà méjì àti àbá méjì sórí tákàdá lọ́tọ̀. Ohun tí kò bá sí lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, má kọ ọ́. Mú un wá lọ́jọ́bọ̀."

Ẹ̀yin òbí náà lè yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò nílé. Ẹ ro máàkì ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó bá àpapọ̀ mu. Ẹ ka òbìrí. Ẹ ka ìbéèrè, kí ẹ wá wo iye ìpínrọ̀ tó dáhùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 19 nìkan ló wà lókè ìwé, láìsí òbìrí, láìsí ìpín, ọmọ yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àlàyé. Àmọ́ bí gbogbo rẹ̀ bá pé, tó sì ṣe rẹ́gí, tákàdá tuntun ni kí ẹ wá fún un.