Ìjà Lábẹ́ Fídíò Ìsàlẹ̀ Èkó: Kọ́mẹ́ǹtì Wo Ló Yẹ Ká Dáhùn?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ṣánẹ́ẹ̀lì lórí Yútùúbù la fẹ́ sọ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò nípa Èkó: ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó, eré Ẹ̀yọ̀, oúnjẹ Ìdúmọ̀tà, ilé àwọn Àgùdà ní Pópó Àgùdà. Ẹ óò ti rí i pé kò sí bí irú fídíò bẹ́ẹ̀ ṣe lè dára tó tí ìjà ò ní ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé, nígbà tí ìjà bá dé, kí lẹ máa ṣe sí kọ́mẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká sì tẹ̀ lé e dópin. Ká ní ẹ gbé fídíò oníṣẹ́jú mẹ́fà jáde nípa Ìgá Ìdúngánrán, ààfin Ọba Èkó. Ẹ sọ pé orí oko ata Arómirẹ ni wọ́n kọ́ ọ sí, ẹ wá sọ pé Aṣípa tó ṣíwájú nínú ìran àwọn Ọba Èkó wá láti Bìní. Ibi tí iná ti máa ràn nìyẹn. Ní ìparí ọdún 2023, nígbà tí Ọba Bìní, Ewuare Kejì, wá kí Gómìnà Sanwó-Olú ní Èkó, ó sọ pé àwọn ará Bìní ló tẹ Èkó dó. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn lórí fóònù gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá dárúkọ Bìní àti Èkó pọ̀ nínú fídíò kan, kó yáa múra sílẹ̀.

Ká ní kọ́mẹ́ǹtì mẹ́rin yìí ló kọ́kọ́ wọlé. Èkíní: "Ẹ ò mọ ìtàn rárá, ẹ kàn ń pariwo. Ọmọ Ìṣẹ́rí ni Aṣípa." Èkejì: "Orin yín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ẹ̀kẹta ń bú odidi ẹ̀yà kan, ó ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò ní Èkó. Ẹ̀kẹrin: "Wèrè ni yín."

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè bí ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kẹ́ ẹ fi wọ̀n wọ́n: tí a bá yọ èébú kúrò nínú rẹ̀, kí ló kù?

Nínú èkíní, ohun tó kù tóbi. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé Ìṣẹ́rí ni Aṣípa ti wá, àti pé òun ló gbé òkú balógun Bìní kan tó kú sí Ìṣẹ́rí padà lọ sílé, tí Ọba Bìní fi dá a lọ́lá. Ìtàn àwọn ará Bìní sọ pé ọmọ Bìní gan-an ni. Ẹni tó kọ kọ́mẹ́ǹtì yẹn le lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó mú ìmọ̀ wá. Tí ẹ bá pa á rẹ́, ẹ ti lé ẹni tó lè di òpó ṣánẹ́ẹ̀lì yín lọ, ẹ sì ti jẹ́ káwọn tó kù mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohun tó yàtọ̀. Ẹ dá a lóhùn báyìí: "Ẹ ṣeun. Ìtàn méjì ló wà lóòótọ́, ti Bìní la sì sọ nínú fídíò. Ti Àwórì nìyí." Kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Lẹ́nu ta lẹ ti gbọ́ tiyín?" Ẹ kíyè sí i pé a ò dáhùn sí "ẹ kàn ń pariwo" rárá. Ibi tí ìmọ̀ wà la dáhùn sí, a fi èébú sílẹ̀ níbi tó wà.

Ẹ lo "ẹ", ẹ má lo "o", bí ẹni náà tilẹ̀ lò ó fún yín. Ẹ ò mọ ọjọ́ orí ẹni tó wà lẹ́yìn fóònù. Ó lè jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan ní Òkè Pópó tó mọ ilé Arómirẹ bí ẹní mowó. Tẹ́ ẹ bá sọ pé "ìwọ lo ò mọ ìtàn", ọ̀rọ̀ Aṣípa ti parí nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé ló kù. Àwọn òǹwòran yòókù á sì gbè sẹ́yìn àgbà.

Èkejì, ti orin, kò ní èébú púpọ̀ nínú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ẹ tún fídíò náà gbọ́ lórí fóònù láìlo gbohùngbohùn etí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń wò ó nínú bọ́ọ̀sì. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹ sọ fún un pé ẹ máa dín orin kù nínú èyí tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì dín in kù. Ẹni tó bá rí i pé wọ́n gbọ́ ohùn òun á padà wá wòran.

Ẹ̀kẹta, ẹ yọ èébú kúrò, kò sí nǹkan tó kù. Ìkórìíra lásán ni. Ẹ má dáhùn, nítorí gbogbo ìdáhùn á tún fa ọgọ́rùn-ún míì lẹ́yìn ni. Kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, tó bá jẹ́ pé ó ń halẹ̀ mọ́ ẹnì kan tàbí pé ó kọ àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà ẹnì kan síbẹ̀, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín pa mọ́, kẹ́ ẹ sì tẹ `Report`. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ kọ́mẹ́ǹtì náà, kẹ́ ẹ tẹ `Hide user from channel`. Yútùúbù ò ní fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé ẹ ti fi òun pa mọ́. Ohun tó bá kọ lẹ́yìn ìgbà náà ò ní hàn sí àwọn tó kù, nítorí náà, kò ní rí ẹni bá jà. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì fi ẹni tí kò ṣẹ̀ pa mọ́, orúkọ rẹ̀ wà nínú ètò `Hidden users`, ẹ lè mú un kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin náà kò ní nǹkan kan nínú, ṣùgbọ́n èébú ráńpẹ́ ni, irú rẹ̀ sì máa pọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti lè ràn yín lọ́wọ́. Nínú `YouTube Studio` lórí kọ̀ǹpútà, nínú `Settings`, ẹ óò rí ibi tí wọ́n kọ `Blocked words` sí. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀, kọ́mẹ́ǹtì tó bá ní in nínú á kọ́kọ́ dúró sí `Held for review` títí ẹ óò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń kó sí wàhálà. Àwọn èèyàn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá kọ `were` síbẹ̀ nítorí wèrè, ẹ ti di gbogbo ẹni tó bá kọ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́, kò sì sí Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ní in. Tẹ́ ẹ bá kọ `ode` nítorí òmùgọ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀dẹ̀, ẹ ti ti ọdẹ àti òde Èkó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. `ole` lè jẹ́ olè, ó sì lè jẹ́ ọ̀lẹ. Ohun tó dára ni kẹ́ ẹ kọ gbólóhùn tí kò ní ìtumọ̀ méjì, lọ́nà oríṣiríṣi tí wọ́n ń gbà kọ ọ́:

```
were ni yin, were ni e, oloshi, olosi, oloriburuku, omo ale
```

Ẹ máa ṣí `Held for review` wò lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tí kọ́mẹ́ǹtì tí kò lẹ́ṣẹ̀ bá pọ̀ ju èébú lọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nínú àtòkọ yín tó fẹjú jù. Ẹ wá a kí ẹ yọ ọ́. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ pẹ́, nítorí lẹ́yìn 60 ọjọ́, ohun tó wà níbẹ̀ á pòórá. Ẹ tún mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í gbọ́ òwe. Ẹni tó bá fi òwe bú yín, ojú èèyàn nìkan ló lè rí i.

Ọjọ́ míì wà tí èrò máa ya wá láti ibòmíràn. Ẹnì kan á gbé fídíò yín lọ sí orí ẹ̀rọ míì pé, "Ẹ wá wo ohun tí wọ́n sọ nípa Èkó," àwọn tí kò wo ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn. Ẹ óò mọ̀ ọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá rí i pé kò sẹ́ni tó sọ nípa ohun tó wà nínú fídíò mọ́. Ẹ má pa kọ́mẹ́ǹtì pátápátá, nítorí `Off` á gbé ti àwọn ẹni rere náà kúrò lójú. `Pause` ni kẹ́ ẹ lò: ti tẹ́lẹ̀ á dúró, tuntun ò ní wọlé. Nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀, ẹ ṣí i padà.

Ní báyìí, yíyọ èpò nìkan kì í mú ọgbà so èso. Kí làwọn ẹni rere máa ṣe níbẹ̀? Ẹ fún wọn níṣẹ́. Kọ́mẹ́ǹtì kan ṣoṣo lẹ lè fi sókè lábẹ́ fídíò kan pẹ̀lú `Pin`, ẹ má fi bẹ̀bẹ̀ fún láìkì ṣòfò. Lábẹ́ fídíò Ìgá Ìdúngánrán, ẹ fi ìtàn méjèèjì nípa Aṣípa síbẹ̀ ní ṣókí, kẹ́ ẹ fi ìbéèrè kan parí rẹ̀: "Ní àdúgbò yín, kí làwọn àgbà sọ pé ó mú kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀?" Ọmọ Lafiájí á sọ tirẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó á sọ tirẹ̀, ọmọ Èkó tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà á ní ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un. Ẹ béèrè àdúgbò o, ẹ má béèrè nọ́ńbà ilé.

Lẹ́yìn fídíò mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ óò rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó máa ń bá àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe láìbú ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n á fẹ́ bá yín mójú tó ibẹ̀. Tí wọ́n bá gbà, ẹ fi wọ́n sínú `Standard moderators`. Ó dára kí wọ́n wá láti ẹ̀yìn àríyànjiyàn méjèèjì, kó má di pé ẹ̀yà kan ló ń dá ẹjọ́ èkejì. Ẹ kọ òfin kan ṣoṣo fún wọn: ẹ yọ èébú, ẹ má yọ èrò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ ka àádọ́ta kọ́mẹ́ǹtì tó wọlé kẹ́yìn. Ẹ ṣírò iye tó jẹ́ òǹwòran ló ń dá òǹwòran lóhùn, láìsí yín níbẹ̀, láìsí èébú nínú rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Tó bá ń pọ̀ sí i, àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn ṣeré nílé yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni gbogbo wọn ń bá sọ̀rọ̀, ẹ wo ìbéèrè tí ẹ fi sókè dáadáa: bóyá ó jẹ́ irú èyí tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lè parí.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Ẹni tó bá ní ìtàn Aṣípa tó yàtọ̀ sí méjèèjì tí a sọ, kó jọ̀wọ́ mú un wá.